Akápò Ẹgbẹ́ Tí Kò Gbowó Oṣù: Bí A Ṣe Ń Kọ Ọ́ Kí Wọ́n Lè Kà Á Mọ́ Ìrírí Iṣẹ́

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹgbẹ́ tàbí fún àdúgbò rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ wá, tó wá fẹ́ wáṣẹ́ sí àjọ tí kì í ṣe ti èrè, àwọn tí a ń pè ní ẹ́njíò. Báwo ni yóò ṣe kọ iṣẹ́ ọ̀fẹ́ yẹn tí àjọ náà yóò fi kà á mọ́ ìrírí iṣẹ́? N kò ní gbìyànjú láti kárí gbogbo irú iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tó wà. Ẹnì kan ṣoṣo ni màá mú, akápò ẹgbẹ́ àdúgbò, màá sì tún ìwé rẹ̀ kọ lójú gbogbo yín. Bí ẹ bá jẹ́ akọ̀wé, alága tàbí olórí ọ̀dọ́, ẹ óò rí ibi tó ti kàn yín.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń ka ìwé náà. Mo ti jókòó ti àwọn tó ń ṣa ìwé ìwáṣẹ́ fún irú àjọ bẹ́ẹ̀. Ẹni méjì tàbí mẹ́ta ló sábà máa ń ka ìwé kọ̀ọ̀kan, kálukú á dá tirẹ̀ kà. Àtẹ kan á wà níwájú wọn. Ẹ̀gbẹ́ kan àtẹ náà ni wọ́n to àwọn ohun tí ìkéde iṣẹ́ béèrè sí, ẹ̀gbẹ́ kejì ni àyè máàkì. Àwọn ohun tí wọ́n béèrè náà sì pé oríṣi méjì: èyí tí kò gbọdọ̀ má sí, àti èyí tó jẹ́ pé tó bá wà, ó dáa. Wọ́n á wá máa wá ẹ̀rí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ohun tí ẹ kọ. Bí ẹ̀rí náà bá yanjú, wọ́n á fún yín ní méjì tàbí mẹ́ta. Bó bá jẹ́ fìrí ni wọ́n rí i, oókan. Bí wọn ò bá rí i rárá, òdo ni. Ẹni tó bá gba òdo nínú ohun tí kò gbọdọ̀ má sí, ìwé rẹ̀ ti kúrò nílẹ̀ nìyẹn, kódà bó ṣe òun gan-an ni iṣẹ́ náà bá mu jù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó máa ń ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu. Nínú gbogbo àtẹ tí mo ti fọwọ́ kàn, n kò rí èyí tó ní àyè fún "Ṣé wọ́n sanwó fún un?" Ohun tó máa ń wà níbẹ̀ ni: ó ti bójú tó owó iṣẹ́ àkànṣe rí, ó ti darí àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni rí, ó lè kọ ìjábọ̀. Akápò tí kò gba kọ́bọ̀ lè ní gbogbo rẹ̀. Ohun tó máa ń fa òdo fún un ni pé ó kọ ọ́ síbi tí ìwé kíkà ti sú ẹni tó ń kà á, tó sì kọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ohun tó fi ń ṣeré.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé à ń tọrọ ojú rere ni bí a bá ní kí wọ́n ka iṣẹ́ ọ̀fẹ́ mọ́ iṣẹ́. Ní ọdún 2013, àpérò àgbáyé àwọn onímọ̀ ìṣirò nípa iṣẹ́ jókòó ní ìlú Jẹ̀níífà lábẹ́ Àjọ Àgbáyé fún Ètò Iṣẹ́. Ìpinnu tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ni pé bí ènìyàn bá ń ṣe ohun tí àwọn ẹlòmíràn yóò lò, iṣẹ́ ni, ì báà sanwó ì báà má sanwó, wọ́n sì ka iṣẹ́ ìyọ̀ǹda-ara-ẹni mọ́ ọ̀kan lára ẹ̀ka iṣẹ́ tí wọ́n tò sílẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà pàápàá, tí ó le nínú ìwé ṣíṣà, máa ń kọ ọ́ sínú ìkéde iṣẹ́ rẹ̀ lójú òpó USAJOBS pé ìrírí tí a gbowó lé lórí àti èyí tí a kò gbowó lé ni àwọn jọ máa kà, títí kan iṣẹ́ tí a ṣe fún ẹgbẹ́ àdúgbò, ẹgbẹ́ ẹ̀sìn àti ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ohun kan ni wọ́n á béèrè, pé kí ẹ kọ iye wákàtí tí ẹ fi ń ṣe é lọ́sẹ̀. Màá padà sórí wákàtí yẹn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà.

Ó yá, akápò wa dà? Ẹ jẹ́ ká sọ pé obìnrin kan ni. Ọdún mẹ́fà ló ti fi ń ṣe akọ̀wé ìtajà ní ilé-iṣẹ́ tó ń ta ohun ìkọ́lé. Láàárín ọdún mẹ́fà yìí, ó fi ọdún mẹ́rin ṣe akápò ẹgbẹ́ àdúgbò rẹ̀, ẹgbẹ́ tí ìdílé 140 wà nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà dá yàrá ìkàwé sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé, ó ń ṣí lọ́jọ́ Sátidé, àjọ kan sì fi owó ìrànwọ́ tì wọ́n lẹ́yìn. Ní báyìí, obìnrin yìí rí ìkéde iṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ àjọ kan tó ń kọ́ ọmọdé níwèé kíkà. Alákòóso iṣẹ́ àkànṣe ni wọ́n ń wá. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ní kò gbọdọ̀ má sí: ìrírí ọdún méjì nínú iṣẹ́ àkànṣe tí a bá ará ìlú ṣe, bíbójútó owó iṣẹ́ àti jíjábọ̀ rẹ̀ fún ẹni tó fúnni lówó, àti dídarí àwọn olùyọ̀ǹda. Ẹ̀kẹrin, tó bá wà, ó dáa: ìmọ̀ nípa ààbò ọmọdé.

Ẹ wo bí ìwé rẹ̀ ṣe rí kí a tó fọwọ́ kàn án. Iṣẹ́ ìtajà ló wà lókè, ó kọ ìlà méje sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà èdè tó gbọ́. Nísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ "Àwọn nǹkan mìíràn", ó kọ ọ́ báyìí:

"Mo jẹ́ akápò ẹgbẹ́ àdúgbò wa. A dá yàrá ìkàwé ọmọdé sílẹ̀. Mo fẹ́ràn láti máa ran ènìyàn lọ́wọ́."

Ká ní ẹ̀yin lẹ ń fún un ní máàkì. Iṣẹ́ àkànṣe pẹ̀lú ará ìlú: yàrá ìkàwé wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n fún ọdún mélòó, àti pé ta ló ṣe é? Ẹ fún un ní oókan. Owó àti ìjábọ̀: akápò ni, ẹ rò pé ó mọ̀ nípa owó, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan, ẹni tó bá sì ń fúnni ní máàkì kò gbọdọ̀ fi èrò ara rẹ̀ dí àlàfo fún ẹlòmíràn. Òdo. Olùyọ̀ǹda: òdo. Ààbò ọmọdé: òdo. Òdo méjì ti wọ ohun tí kò gbọdọ̀ má sí. Ó parí. Ìlà méje tó kọ nípa ohun ìkọ́lé kò sì gbè é, torí kò sẹ́ni tó béèrè wọn.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń ṣe fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni pé màá gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, màá sì da ìbéèrè bò ó. Owó ta ni ó ń kọjá lọ́wọ́ yín? Ta ló ń fọwọ́ sí i pẹ̀lú yín? Ta ni ẹ ń jábọ̀ fún, lẹ́ẹ̀mélòó lọ́dún? Kí ló bàjẹ́ tí ẹ tún ṣe? Kí ló yí padà látàrí ohun tí ẹ tún ṣe yẹn? Ìdáhùn ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí ló máa ń pẹ́ jù kí ó tó jáde, òun náà ló sì máa ń níye lórí jù.

Obìnrin wa dáhùn. Ó ní ènìyàn mẹ́ta ló ń lọ káàkiri gba owó ẹgbẹ́ oṣooṣù lọ́wọ́ àwọn ìdílé, nígbà tí òun gorí àga, owó tó ń dé báńkì kò bá ìwé àwọn agbowó mu. Kò sẹ́ni tó jalè, owó kàn ń sùn lápò ènìyàn ni. Ó dábàá fún ìpàdé pé kí ìdílé kọ̀ọ̀kan máa san tirẹ̀ tààrà sí báńkì, wọ́n gbà. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ìdílé 85 nínú 140 ló ń san lásìkò. Lẹ́yìn ọdún kan, ó ti di 119. Ó ń ka ìṣirò owó sétí ìpàdé lóṣooṣù, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ méjì tí kò sí nínú ìgbìmọ̀ sì ń yẹ ìwé rẹ̀ wò lópin ọdún. Owó ìrànwọ́ yàrá ìkàwé wá ní ìpín méjì, wọn kì bá tí fi ìpín kejì ránṣẹ́ bí wọn ò bá rí ìjábọ̀ ìpín àkọ́kọ́. Òun ló kọ apá owó nínú ìjábọ̀ náà, akọ̀wé kọ ìyókù. Ní ti Sátidé, olùyọ̀ǹda 18 ló wà, òun ló ń pín ọjọ́ fún wọn. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni yàrá náà wà ní títì nítorí pé ẹni tó yẹ kó ṣí i kò wá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín wọn ní méjìméjì, ó sì ń ránṣẹ́ rán wọn létí ní Ọjọ́bọ̀. Ní oṣù mẹ́ta tó tẹ̀lé e, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wà ní títì. Ó tún ní òun gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan lórí ààbò ọmọdé, òun sì ń rí i pé gbogbo àgbà tó bá wọlé fọwọ́ síwèé.

Ẹ gbọ́ o, gbogbo èyí ló wà nínú "Mo jẹ́ akápò ẹgbẹ́ àdúgbò wa."

A wá tún un kọ. A gbé e kúrò nísàlẹ̀, a gbé e sábẹ́ "Ìrírí Iṣẹ́" gan-an, a sì fi ṣáájú iṣẹ́ ohun ìkọ́lé. Àwọn kan á ní ṣé kì í ṣe iṣẹ́ tó dé kẹ́yìn la máa ń kọ́kọ́ kọ ni? Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ lè pín ìrírí sí ọ̀nà méjì: "Ìrírí tó bá iṣẹ́ yìí mu" àti "Ìrírí mìíràn", kí ẹ wá to ọ̀kọ̀ọ̀kan láti èyí tó kẹ́yìn padà sẹ́yìn. Kò sí irọ́ nínú ìyẹn. Bó ṣe rí nìyí lẹ́yìn tí a tún un kọ:

"Akápò (iṣẹ́ ọ̀fẹ́, ipò ìdìbò), Ẹgbẹ́ Ará Àdúgbò. Oṣù Kẹta 2021 sí oṣù Kejì 2025. Wákàtí 10 lọ́sẹ̀.

Ẹgbẹ́ ìdílé 140 tó ń rí sí ààbò àti ìmọ́tótó àdúgbò, tó sì ní yàrá ìkàwé fún ọmọdé.

Mo bójú tó owó ẹgbẹ́ oṣooṣù ìdílé 140 àti owó ìrànwọ́ ìpín méjì fún yàrá ìkàwé. Mo ń ka ìṣirò fún ìpàdé lóṣooṣù. Àwọn ayẹ̀wéwò ẹgbẹ́ ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún.

Mo kọ apá owó nínú ìjábọ̀ fún àjọ tó fún wa lówó. Wọ́n gbà á, wọ́n sì fi ìpín kejì ránṣẹ́.

Mo ṣètò ọjọ́ iṣẹ́ fún olùyọ̀ǹda 18. Ọjọ́ tí yàrá ìkàwé wà ní títì nítorí àìwá ènìyàn ti orí márùn-ún di ẹyọ kan láàárín oṣù mẹ́fà.

Mo gbé owó gbígbà kúrò lọ́wọ́ agbowó lọ sí báńkì. Ìdílé tó ń san lásìkò ti orí 85 di 119 láàárín ọdún kan.

Mo gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan lórí ààbò ọmọdé, mo sì ń rí i pé gbogbo àgbà tó bá wọlé fọwọ́ síwèé, àti pé kò sí àgbà kan tó dá wà pẹ̀lú ọmọ kan."

Ẹ tún fún un ní máàkì. Ẹ ò ní nílò kí n kà á fún yín.

Àwọn nǹkan díẹ̀ wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí a dúró lé. Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ "iṣẹ́ ọ̀fẹ́" yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan la kọ ọ́, ní ẹ̀gbẹ́ orúkọ ipò. Àwọn kan máa ń fi pamọ́ kí àjọ náà lè rò pé iṣẹ́ olówó oṣù ni. Ẹ má ṣe é. Fọ́ọ̀mù míì á béèrè owó oṣù, wọ́n á sì kọ̀wé sí ẹgbẹ́ náà lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń wádìí yín. Bí wọ́n bá gbọ́ látẹnu ẹlòmíràn pé kò sí owó oṣù níbẹ̀, gbogbo ìlà tó kù, títí kan èyí tó jẹ́ òótọ́, á di ìfura. Àwọn míì á tún fi tọrọ àforíjì ní gbogbo ìlà: "mo kàn ń ṣèrànwọ́", "kò tó nǹkan". Ìyẹn náà kò dáa. Bí ẹ bá ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tó.

Orúkọ ipò náà ńkọ́? Ẹ kọ èyí tí wọ́n fi ń pè yín nínú ẹgbẹ́. Akápò kì í ṣe "Olùdarí Àgbà fún Ètò Ìnáwó". Mo ti rí ìwé tí wọ́n kọ irú rẹ̀ sí, alága ẹgbẹ́ tí a sì pè láti jẹ́rìí kò tilẹ̀ mọ ẹni tí à ń béèrè. Bó bá jẹ́ orúkọ tí ẹgbẹ́ yín nìkan mọ̀ ni, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Èyí tí mo rò pé ó ń ba ìwé jẹ́ jù ni "a". A dá yàrá ìkàwé sílẹ̀. A kó owó jọ. A ṣe àtúnṣe. Nínú ìpàdé ẹgbẹ́, bó ṣe yẹ ká sọ̀rọ̀ nìyẹn, ta ló fẹ́ gbọ́ "èmi, èmi" lẹ́nu akápò? Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fúnni ní máàkì kò lè fún "a" ní nǹkan kan, torí "a" kọ́ ló ń wáṣẹ́. Ọ̀nà tí mo máa ń gbà tú u ni pé kí ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ ní iṣẹ́ ńlá, kí ẹ̀yin ní apá tiyín: ẹgbẹ́ dá yàrá ìkàwé sílẹ̀, èmi bójú tó owó rẹ̀, mo sì ṣètò àwọn tó ń ṣí i. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ò gba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ rántí pé akápò wa kò kọ pé òun kọ ìjábọ̀ náà; apá owó ló kọ. Bí wọ́n bá pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí wọ́n sì bi í pé, "Kí lẹ kọ nípa bí àwọn ọmọ ṣe tẹ̀ síwájú?", ó lè fi ẹ̀rín dáhùn pé akọ̀wé ló kọ ìyẹn, kó wá ṣàlàyé bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́ náà. Ẹni tó ti kọ "mo kọ ìjábọ̀" ni yóò máa làágùn.

Ó yá, wákàtí. Mo ti ṣèlérí. Ọdún mẹ́rin ni obìnrin yìí fi ṣe akápò, wákàtí mẹ́wàá lọ́sẹ̀. Bí a bá ní iṣẹ́ kíkún jẹ́ wákàtí 40 lọ́sẹ̀, ìdá mẹ́rin iṣẹ́ kíkún ló ń ṣe. Ọdún mẹ́rin rẹ̀ wá di ọdún kan iṣẹ́ kíkún. Ìkéde sì béèrè ọdún méjì. Ṣé ó yẹ tàbí kò yẹ?

Ó kù sí bí àjọ náà ṣe ń kà á. Àwọn kan ń ka kàlẹ́ńdà: láti oṣù Kẹta 2021 sí oṣù Kejì 2025, ọdún mẹ́rin ni, ó yẹ. Àwọn kan ń ka wákàtí, bí ìjọba Amẹ́ríkà tí mo mẹ́nu bà ṣe máa ń ṣe: wọ́n á fún ẹni tó ṣe ìdajì iṣẹ́ fún ọdún kan ní oṣù mẹ́fà. Lójú irú wọn, ọdún kan péré ló ní níbẹ̀, àfi kí ó wá ìyókù síbòmíràn. Nítorí náà, ẹ kọ oṣù àti ọdún tí ẹ bẹ̀rẹ̀ àti tí ẹ parí, kí ẹ kọ iye wákàtí lọ́sẹ̀, kí ẹ sì dá ọwọ́ dúró níbẹ̀. Ẹ má ṣe kọ "ìrírí ọdún mẹ́rin" gàdàgbà sórí ìwé láìsọ wákàtí, ẹ má sì bá wọn dín in kù sí "ọdún kan" fúnra yín, nígbà tó ṣeé ṣe kó jẹ́ kàlẹ́ńdà ni wọ́n ń kà. Bí ìkéde bá sọ pé iṣẹ́ kíkún ni àwọn fẹ́, ẹ kọ̀wé béèrè bí wọ́n ṣe ń ka iṣẹ́ aláàbọ̀ àkókò kí ọjọ́ tó kọjá. Ìbéèrè tó bójú mu ni.

Bí ẹ ò bá mọ iye wákàtí ńkọ́? Ẹ mú oṣù kan tí kò ní pọ́pọ́ṣìnṣìn, ẹ kà á. Ìpàdé oṣù wákàtí mẹ́ta. Ìwé owó wákàtí mẹ́rin lọ́sẹ̀. Sátidé wákàtí márùn-ún. Ìpè àti ìfiránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ìṣirò akápò wa jáde sí bíi mẹ́wàá. Ẹni tó bá kọ wákàtí 30 lọ́sẹ̀ nígbà tó tún ní iṣẹ́ olówó oṣù ọjọ́ márùn-ún, ẹni tó ń ka ìwé náà á kàn wojú ẹnìkejì rẹ̀ ni.

Àwọn ohun kan wà tí iṣẹ́ ọ̀fẹ́ kò lè rọ́pò wọn. Bí ìkéde bá béèrè ẹni tó ti darí òṣìṣẹ́ tó ń gbowó oṣù, olùyọ̀ǹda 18 kì í ṣe ohun kan náà. Dídarí òṣìṣẹ́ túmọ̀ sí pé ẹ gbà wọ́n síṣẹ́, ẹ díwọ̀n iṣẹ́ wọn, ẹ bá wọn wí níwèé bó bá yẹ. Ẹ kọ olùyọ̀ǹda sí ibi tí olùyọ̀ǹda wà. Ní tèmi fúnra mi, ó dá mi lójú pé kíkó àwọn tí kò sí owó oṣù kankan tí a lè fi dẹ́rù bà wọ́n jọ, kí wọ́n sì máa wá ní gbogbo Sátidé, kò rọrùn ju dídarí òṣìṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n èrò mi kò sí lórí àtẹ. Bákan náà, akápò tí ayẹ̀wéwò ẹgbẹ́ yẹ ìwé rẹ̀ wò kì í ṣe oníṣirò owó tó ní ìwé ẹ̀rí, ẹ má fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

Wọn kì í sì ka jíjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ lásán mọ́ ìrírí. Wọn kì í ka lílọ sí ìpàdé mọ́ ọn. Ọjọ́ kan tí ẹ gbálẹ̀ àdúgbò dáa, ṣùgbọ́n kò gba ìlà kan lábẹ́ ìrírí. Iṣẹ́ tí ẹ ṣe fún ẹgbẹ́ òṣèlú gba ọgbọ́n, torí ọ̀pọ̀ àjọ ni òfin tàbí ìlànà wọn kò jẹ́ kí wọ́n gbè sẹ́yìn òṣèlú. Ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe, ẹ má sọ ẹni tí ẹ ń polongo. Wọ́n máa ń ka iṣẹ́ fún ilé ìjọsìn mọ́ ìrírí dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ lọ́nà tí ẹni tí kò sí nínú ẹ̀sìn yín yóò fi rí iṣẹ́ náà: iye ènìyàn tí ẹ bọ́, owó tí ẹ bójú tó, àwọn tí ẹ ṣètò.

Ó ku ẹlẹ́rìí. Àjọ yóò béèrè orúkọ ẹni méjì, wọ́n sì fẹ́ ẹni tó rí yín lẹ́nu iṣẹ́. Fún akápò wa, alága ẹgbẹ́ ni àkọ́kọ́. Èkejì tó dára jù ni òṣìṣẹ́ àjọ tó fún wọn lówó, ẹni tó gba ìjábọ̀ rẹ̀, nítorí kò sí nínú ẹgbẹ́ náà, kò sì ní ìdí láti gbè é. Ẹbí kò ṣeé lò, ì báà jẹ́ òun ni alága. Ẹ sọ fún ẹlẹ́rìí yín irú iṣẹ́ tí ẹ ń wá, kí ẹ sì fi ìlà tí ẹ kọ han án. Ipò ẹgbẹ́ a máa yí padà. Alága òní lè ti kó lọ ìlú mìíràn lọ́dún tó ń bọ̀. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá ń gbé ìwé owó fún akápò tuntun, ẹ gba lẹ́tà kan tí alága àti akọ̀wé fọwọ́ sí: ìgbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí ẹ parí, iṣẹ́ tí ẹ ṣe, iye ìdílé. Kò ní ju ojú ìwé kan lọ.

Ẹ má ṣe fi orúkọ tàbí àwòrán ọmọ kankan ránṣẹ́ láti fi hàn pé iṣẹ́ ṣe. Mo ti rí ìwé tí wọ́n fi àwòrán àwọn ọmọ so mọ́, fún iṣẹ́ tó béèrè ìmọ̀ nípa ààbò ọmọdé. Ẹ lè fojú inú wo máàkì tí ó gbà níbẹ̀.

Kí ẹ tó fi ìwé náà ránṣẹ́, ẹ fún ẹnì kan tí kò mọ ẹgbẹ́ yín ní ìkéde iṣẹ́ náà àti ìwé yín. Kí ó fa ìlà sábẹ́ ẹ̀rí ohun kọ̀ọ̀kan tí wọ́n béèrè. Ẹ má bá a sọ̀rọ̀. Ibi tó bá ti gbójú sókè bi yín pé "Ta ló ṣe èyí?" tàbí "Mélòó?", ibẹ̀ ni àtúnṣe kù sí.

Ẹ̀gbọ́n wa kan níwájú níbí ti kọ ìbéèrè ránṣẹ́ sí mi kí n tó dìde, mo fẹ́ dá wọn lóhùn kí n tó jókòó. Wọ́n ní ẹgbẹ́ àwọn kò ní ìwé àkọsílẹ̀ kankan, ẹnu lásán ni gbogbo nǹkan, ṣé kí àwọn kàn fojú díwọ̀n iye? Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fojú díwọ̀n ohun tí ẹ lè wá. Ẹ lọ gba ìwé ìṣirò báńkì ẹgbẹ́ fún ọdún tí ẹ wà níbẹ̀, ẹ óò rí iye ìdílé tó ń sanwó lóṣù kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo àwọn ìfiránṣẹ́ orí fóònù, ẹ óò rí ọjọ́ ìpàdé àti àwọn tí ẹ rán létí. Nígbà tí ẹ bá ti kó o jọ, ẹ kọ ọ́ sójú ìwé kan, kí alága ìgbà yẹn kà á kí ó sì fọwọ́ sí i bó bá rántí bẹ́ẹ̀. Èyí tí kò bá sí ẹ̀rí rẹ̀ rárá, ẹ kọ èyí tó kéré jù tó dá yín lójú, kí ẹ fi "ó kéré tán" síwájú rẹ̀: ó kéré tán, olùyọ̀ǹda 12. Bí wọ́n bá bi yín bí ẹ ṣe mọ̀ pé méjìlá ni, kí ẹ lè dárúkọ méjìlá.